Ta Ni Ó Ra Ṣúgà Tó Tún Ra Ọṣẹ?

Bí ènìyàn bá ra nǹkan ní ṣúpámákẹ́ẹ̀tì ní Bouaké, ẹni tó jókòó nídìí káńtà yóò já ìwé pẹlẹbẹ kan fún un. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ rìsíìtì yẹn nù kí a tó gun ọ̀kadà tí yóò gbé wa lọ sílé. Ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-ìtajà kì í sọnù ní tirẹ̀. Ọjọ́ wà lórí rẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí a rà lẹ́ẹ̀kan náà sì tò tẹ̀lé ara wọn. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni kí n jókòó ti irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀, kí n máa wá àwọn ọjà tó ń bá ara wọn rìn.

Ọ̀gá ilé-ìtajà kan níbí, ọmọ Baoulé tó mọ ọjà dunjú, fi tábìlì kan tí kọ̀ǹpútà wọn tẹ̀ jáde hàn mí. Ohun tó wú u lórí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó ń ra ṣúgà a máa ra ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ti fẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọṣẹ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà. Mo ní kó ṣe sùúrù ná. Ẹni tó bá ti mu tíì tí ṣúgà rẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìṣirò nìkan ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ìṣirò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ìṣirò yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1993, Rakesh Agrawal, Tomasz Imieliński àti Arun Swami, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí IBM ní Almaden, ní California, gba àkọsílẹ̀ ọjà 46,873 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá kan, wọ́n sì béèrè pé: àwọn ọjà wo ló máa ń wà papọ̀, báwo sì ni a ṣe lè mọ èyí tó tó gbà gbọ́? Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi dáhùn. Àkọ́kọ́ ni ìtìlẹ́yìn, ìyẹn iye rìsíìtì tí ọjà náà, tàbí àwọn ọjà náà, wà lórí rẹ̀ nínú gbogbo rìsíìtì tó wà nílẹ̀. Èkejì ni ìdánilójú: nínú àwọn rìsíìtì tí ọjà àkọ́kọ́ wà lórí rẹ̀, mélòó ni ọjà kejì tún wà?

Ilé-ìtajà kì í tú àṣírí káńtà rẹ̀ síta, nítorí náà n kò ní fi ti Bouaké ṣe àpẹẹrẹ níbi tí mo bá ti nílò òǹkà gidi. Àkọsílẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò, tí ó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ `arules` fún èdè R. Michael Hahsler, Kurt Hornik àti Thomas Reutterer ni wọ́n lò ó nínú ìwé wọn ní 2006. Rìsíìtì 9,835 ló wà nínú rẹ̀, tí ilé-ìtajà oúnjẹ kan já láàárín oṣù kan, wọ́n sì ti pín àwọn ọjà náà sí ìsọ̀rí 169.

Nínú rìsíìtì 9,835 yìí, mílíìkì wà lórí 2,513. Ìtìlẹ́yìn mílíìkì nìyẹn: ìdá 25.6 nínú 100. Kò sí ọjà mìíràn tó tó o. Yógọ̀ọ̀tì wà lórí 1,372. Àwọn tí mílíìkì àti yógọ̀ọ̀tì jọ wà lórí rẹ̀ jẹ́ 551, ìyẹn ìdá 5.6 nínú 100 gbogbo rìsíìtì. Bí a bá wá mú kìkì àwọn 1,372 tó ra yógọ̀ọ̀tì, tí a sì béèrè pé mélòó nínú wọn ló ra mílíìkì, 551 yẹn náà ni; ìdá 40.2 nínú 100. Ìdánilójú pé ẹni tó ra yógọ̀ọ̀tì ra mílíìkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n yí i padà wò. Nínú 2,513 tó ra mílíìkì, 551 ló ra yógọ̀ọ̀tì, ìdá 21.9 péré. Rìsíìtì kan náà ni, ènìyàn kan náà ni, àmọ́ nítorí pé àwọn tó ń ra mílíìkì pọ̀ ju àwọn tó ń ra yógọ̀ọ̀tì lọ, ìdánilójú kò lè jẹ́ bákan náà láti ìhà méjèèjì. Ọfà tó wà láàárín ọjà méjì nínú tábìlì kọ̀ǹpútà kò sọ pé èkíní ló fa èkejì, kò sì sọ èyí tí oníbàárà kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbẹ́ wo ni a dúró sí ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló ń sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìtajà ti ń ṣubú kò jìnnà síbẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ yìí kan náà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lórí rìsíìtì 1,715, mílíìkì sì wà lórí 394 nínú wọn. Ìdánilójú rẹ̀ jẹ́ ìdá 23 nínú 100. Sọ ọ́ fún ẹni tó ń wá ibi tí yóò to ọjà sí pé nínú ẹni mẹ́rin tó ra ẹlẹ́rìndòdò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan tó ra mílíìkì, ojú rẹ̀ yóò là. Kó tó ránṣẹ́ pe àwọn tó ń to ọjà, ó yẹ kó béèrè nǹkan kan: bí n kò bá mọ ohunkóhun nípa oníbàárà yìí rárá, kí ni ǹ bá sọ nípa mílíìkì rẹ̀? Ìdá 25.6 ni ǹ bá sọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń rà á. Nítorí náà ẹni tó ra ẹlẹ́rìndòdò kò súnmọ́ mílíìkì ju ẹlòmíràn lọ. Díẹ̀ ló tilẹ̀ fi jìnnà sí i. Mílíìkì ló kàn wà níbi gbogbo.

Ohun tí a fi ń rí èyí ni pé kí a pín ìdánilójú pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ọjà kejì. Ní 1997 ni Sergey Brin, Rajeev Motwani, Jeffrey Ullman àti Shalom Tsur gbé irú òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀. Èmi a máa pè é ní ìlọ́po, nítorí iye ìgbà tí ìdánilójú fi ju ti gbogbo ènìyàn lọ ló ń sọ. Ti yógọ̀ọ̀tì àti mílíìkì jẹ́ 40.2 tí a pín pẹ̀lú 25.6, ìyẹn 1.57. Ti ẹlẹ́rìndòdò àti mílíìkì jẹ́ 0.90. Bí ó bá jẹ́ 1 gan-an, ọjà kìíní kò sọ ohunkóhun fún wa nípa èkejì. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé ìhà yòówù tí a bá gbà kà á, 1.57 náà ni yóò jẹ́; ọfà kò lè tàn wá jẹ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìdánilójú wá bá mi láìmú ìtìlẹ́yìn ọjà kejì dání, mo máa ń dá a padà lọ mú un wá.

A tún ní láti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé ẹni tó ń lò ó ló ń yan ààlà fún un. Pẹ̀lú ìsọ̀rí 169, ọjà méjì-méjì tí a lè so pọ̀ jẹ́ 14,196. Bí a bá mú wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n di 790,244. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní lópin tí ọwọ́ lè tó. Agrawal àti Ramakrishnan Srikant rí ọ̀nà àbùjá kan ní 1994, tí wọ́n pè ní Apriori. Bí ọjà kan kò bá wà lórí rìsíìtì tó pọ̀ tó, kò sí ọjà mìíràn tí a lè so mọ́ ọn tí yóò mú kó pọ̀ sí i. Dídínkù ni yóò máa dínkù. Nítorí náà ká tì í sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ká má sì kà á mọ́. Bí a bá fi ààlà ìtìlẹ́yìn sí ìdá 10 nínú 100, ọjà 8 péré nínú 169 ló kù, a ó sì ka ọjà méjì-méjì 28 dípò 14,196. Kò sì sí ọ̀kankan nínú 28 yẹn tó dé ààlà. Mílíìkì àti ìsọ̀rí ewébẹ̀ tó tóbi jù, tí wọ́n jọ wà lórí rìsíìtì 736, ló súnmọ́ ọn jù, ìdá 7.5 nínú 100 sì ni tiwọn.

Ìdá 10 yẹn ni irinṣẹ́ náà ń lò bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 80. Ẹni tó bá kàn tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí òfin kankan gbà, yóò sì rò pé àkọsílẹ̀ náà ṣófo. Bí ó bá wá rẹ ààlà náà sílẹ̀ báyìí ńkọ́?

```r
library(arules)
data("Groceries")
r <- apriori(Groceries,
     parameter = list(supp = 0.001, conf = 0.8))
inspect(head(sort(r, by = "lift"), 5))
```

Òfin 410 ni yóò tú jáde. Èyí tí ìlọ́po rẹ̀ ga jù nínú wọn sọ pé ẹni tó bá ra ọtí líle àti wáìnì pupa yóò ra bíà inú ìgò, pẹ̀lú ìdánilójú tó lé ní ìdá 90, ìlọ́po rẹ̀ sì lé ní 11. Ó dà bí wúrà. Ẹ wá wo iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀: rìsíìtì 21 ni ọtí líle àti wáìnì pupa jọ wà lórí rẹ̀, bíà sì wà lórí 19 nínú wọn, nínú 9,835, ní odidi oṣù kan. Mo gbà pé òótọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ ṣe ayẹyẹ nìyẹn, a sì mọ̀ wọ́n níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ìsọ̀ tò nítorí ènìyàn 19? Ohun tó burú jù ni pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà tí a gbà so ọjà pọ̀ wò, àwọn kan yóò bára wọn pàdé lórí rìsíìtì mẹ́wàá tàbí méjìlá láìsí ìdí kankan, wọn yóò sì jókòó sínú tábìlì pẹ̀lú ìdánilójú gíga bíi ti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀nà tí mo ń gbà mọ̀ wọ́n ni pé mo máa ń pín àkọsílẹ̀ sí méjì, oṣù yìí lọ́tọ̀, oṣù tó kọjá lọ́tọ̀. Èyí tó bá pòórá nínú oṣù kejì, mo máa ń jẹ́ kó lọ.

Ó ku ṣúgà àti ọṣẹ. Ní tiwọn, ìtìlẹ́yìn wọn pọ̀, ìdánilójú wọn dára, ìlọ́po wọn ju 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń rí ní oṣooṣù. Gbogbo ìdánwò tí mo kà sókè yìí ni wọ́n yege. Síbẹ̀, n kò gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé mo ti dúró nídìí káńtà yẹn ní òwúrọ̀. Ìyá kan, ọmọ Èjìgbò bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nílẹ̀ yìí, dúró níwájú mi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ méjì tó kún dẹ́nu: páálí ṣúgà, páálí ọṣẹ, tòmátò alágolo, ìrẹsì àpò, sàdíìnì, Maggi, àbẹ́là. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ṣé ìnáwó ti dé ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìnáwó kẹ̀, ọmọ mi. Ọjà ìsọ̀ mi ni mo wá rà."

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi wò ó, kó lè hàn kedere. Ká sọ pé rìsíìtì 1,000 wà. Ti ará ilé lásán jẹ́ 900; ìdá 10 nínú wọn ra ṣúgà, ìdá 10 ra ọṣẹ, kò sì sí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ṣúgà wà lórí 90, ọṣẹ wà lórí 90, méjèèjì jọ wà lórí 9. Rìsíìtì 100 tó kù jẹ́ ti àwọn onísọ̀ bíi ìyá yẹn, tí wọ́n máa ń kó ohun gbogbo. Ìdá 80 nínú wọn ra ṣúgà, ìdá 80 ra ọṣẹ, láàárín tiwọn náà kò sì sí ìsopọ̀ kankan: 80, 80, àti 64 tó ra méjèèjì. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po jẹ́ 1 gan-an. Ẹ wá da àwọn méjèèjì pọ̀, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe. Ṣúgà di 170, ọṣẹ di 170, méjèèjì papọ̀ di 73. Ìdánilójú di 73 nínú 170, ìdá 43 nínú 100. Ìtìlẹ́yìn ọṣẹ jẹ́ ìdá 17. Ìlọ́po di 2.5.

Láti inú òfo ni òfin náà ti jáde. Kò sí ará ilé kankan tí ṣúgà ń rán létí ọṣẹ, kò sì sí onísọ̀ kankan bẹ́ẹ̀. Ohun tí tábìlì náà rí ni pé irú oníbàárà méjì ló ń gba ẹnu káńtà kan náà kọjá. Irú èyí pọ̀ ní ìlú bíi Bouaké, níbi tí ìsọ̀ kékeré wà ní ìkóríta gbogbo, tí obìnrin tó ní búkà àti ẹni tó ní mákì pẹ̀lú sì ń wá kó ọjà níbi tí èmi àti ìwọ ti ń ra búrẹ́dì kan.

Kò ṣòro láti tú u ká. Mo máa ń to rìsíìtì láti èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù. Bí ìlọ́po bá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gùn nìkan, yóò wó lulẹ̀ nígbà tí a bá yọ wọ́n kúrò. Iye ẹyọ ọjà náà máa ń sọ̀rọ̀: kò sí ilé tó ń ra ọṣẹ méjìlá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Ìṣirò àtilẹ̀wá sì kọ̀ láti wo iye yìí. Bóyá ọjà wà tàbí kò sí ni ó ń kà, nítorí náà ẹyọ kan àti páálí kan kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Wákàtí ń jẹ́rìí pẹ̀lú. Nígbà tí a yọ àwọn onísọ̀ sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ọ̀gá yìí, ìlọ́po ṣúgà àti ọṣẹ láàárín àwọn ará ilé sún wá sẹ́bàá 1. Ọṣẹ dúró síbi tó wà. Àwọn páálí tí àwọn onísọ̀ ń rà ni ọ̀gá náà kó jọ sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, kí wọ́n má baà máa ti kẹ̀kẹ́ yípo gbogbo ilé.

Ohun kan tún wà tí kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe, òun sì ni ó máa ń ká mi lára jù nínú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Ohun tó gba ẹnu káńtà kọjá nìkan ni rìsíìtì mọ̀. Ní Bouaké, ìkòkò ọbẹ̀ kì í ti inú ṣúpámákẹ́ẹ̀tì kún. Obìnrin tó ra ìrẹsì àti Maggi níbẹ̀ ní agogo mẹ́wàá yóò ra tòmátò tútù, ilá, àlùbọ́sà àti ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà kí ó tó délé. Atiéké ni oúnjẹ tí gbogbo ìlú ń jẹ pẹ̀lú ẹja túnà díndín, tí wọ́n ń pè ní garba, ṣùgbọ́n bí a bá wá atiéké àti ẹja nínú rìsíìtì, ó ṣeé ṣe ká má rí wọn papọ̀ rárá. Ẹni tó bá gba kọ̀ǹpútà gbọ́ yóò sọ pé ará ìlú yìí kì í fi ẹja jẹ atiéké. Òdìkejì rẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀: màkàróní àti tòmátò alágolo máa ń ní ìlọ́po gíga, nítorí pé àwọn méjèèjì wà lára ohun díẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí rà lórí ẹní ní ọjà.

Àìsí ọjà lórí pẹpẹ náà máa ń purọ́ lọ́nà kan náà. Bí ìdá 30 nínú àwọn tó ń ra tíì bá ń ra bísíkíìtì kan, tí bísíkíìtì náà sì tán fún ọjọ́ 10 nínú ọjọ́ 30, ìdánilójú oṣù náà yóò wálẹ̀ sí ìdá 20, bí ọjà tíì kò bá yí padà. Kò sí ẹni tó yí ìwà rẹ̀ padà. Ọkọ̀ tó ń kó bísíkíìtì bọ̀ láti Abidjan ni kò dé. Nítorí náà mo máa ń béèrè ìwé ọjà tó wọlé kí n tó béèrè rìsíìtì, mo sì máa ń ka àwọn ọjọ́ tí ọjà méjèèjì wà nílẹ̀ nìkan.

Ti àwọn ìyá ọjà ni n kò tíì rí ṣe. Mo ti dábàá fún ọ̀gá náà pé kó fi ọmọ iṣẹ́ méjì sẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Sátidé, tí wọn yóò máa bi àwọn tó ń jáde pé kí ni wọ́n ṣì fẹ́ rà kí wọ́n tó délé, tí wọn yóò sì kọ èsì rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà rìsíìtì. Ó ní ta ni yóò dúró nínú oòrùn láti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.